Ìtọ́sọ́nà: bí a ṣe ń ṣírò ibi tí irinṣẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí nínú àwòṣe Solow

Ní ọdún 1956, onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì tí wọn kò jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, Robert Solow ní Amẹ́ríkà àti Trevor Swan ní Ọsirélíà, tẹ iṣẹ́ jáde lórí ìbéèrè kan náà. Bí orílẹ̀-èdè kan bá ń ya apá kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún nínú ohun tó ń mú jáde, tó ń fi ra ẹ̀rọ, tó ń fi kọ́ ilé iṣẹ́, tí ẹ̀rọ àti ilé yẹn sì ń gbó lọ́dọọdún, ṣé irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa pọ̀ sí i títí láé ni, àbí ibì kan wà tí yóò ti dúró? Ìdáhùn àwọn méjèèjì ni pé yóò dúró. Iye tí yóò dúró sí ṣeé ṣírò pẹ̀lú bírò àti bébà, ohun tí a sì fẹ́ ṣe níbí nìyẹn.

Irinṣẹ́ ni mo máa pe gbogbo ohun tí ènìyàn ṣe, tí ó sì ń fi ṣiṣẹ́: ẹ̀rọ, ilé iṣẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀nà, wáyà iná. A kì í ka owó tó wà ní báńkì mọ́ ọn. A ò sì ní í wo àpapọ̀ irinṣẹ́ gbogbo ìlú. Ohun tí à ń wá ni èyí tó kan òṣìṣẹ́ kan nígbà tí a bá pín àpapọ̀ yẹn káàkiri. Lẹ́tà rẹ̀ ni k. Èso iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ kan ń mú jáde lọ́dún kan ni y.

Nọ́ńbà mẹ́ta tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́

Èkíní ni s, ìdá tí wọ́n ń fi pamọ́ nínú èso ọdún kọ̀ọ̀kan. Àpẹẹrẹ wa yóò lo 0.24, ìyẹn ni pé nínú gbogbo 100 tí wọ́n bá mú jáde, 24 ni wọn kò jẹ. Èkejì ni δ, ìdá irinṣẹ́ tó ń gbó lọ́dún kan. A ó fi í sí 0.06. Ẹ̀kẹta ni α, tó ń sọ bí èso ṣe ń fèsì nígbà tí irinṣẹ́ bá pọ̀ sí i. A ó fi í sí 1/3, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé ni ó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ni irinṣẹ́, tí ìyókù sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Orílẹ̀-èdè inú àpẹẹrẹ yìí kì í ṣe ibì kan pàtó. Mo yan àwọn iye náà kí ìṣirò lè já geere lójú yín.

Nínú àwòṣe yìí, ọjà kan ṣoṣo ló wà, ọjà náà sì dà bí iṣu lọ́wọ́ àgbẹ̀: iṣu kan náà ṣeé jẹ, ó sì ṣeé gé ní èbù fún oko ọdún tó ń bọ̀. Èyí tí wọ́n bá jẹ ti lọ. Èyí tí wọn kò jẹ ni yóò di irinṣẹ́ tuntun, gbogbo rẹ̀ pátá, láìsí èyí tó sọnù lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí a fi lè fi iye kan náà wọn k àti y.

Bí èso ṣe ń tẹ̀lé irinṣẹ́

Ìdọ́gba tó so èso mọ́ irinṣẹ́ ni `y = k^α`. Nígbà tí α bá jẹ́ 1/3, ohun tí èyí ń béèrè ni pé: nọ́ńbà wo ni ẹ ó fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí yóò fi jẹ́ k? Bí k bá jẹ́ 1, y jẹ́ 1. Bí k bá jẹ́ 8, y jẹ́ 2, nítorí pé 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 jẹ́ 8. Bí k bá jẹ́ 27, y jẹ́ 3.

Ẹ dúró díẹ̀ síbi àwọn nọ́ńbà mẹ́ta yìí, nítorí inú wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Kí èso tó kúrò ní 1 kó dé 2, irinṣẹ́ 7 ni wọ́n fi kún un. Kí ó tó kúrò ní 2 kó dé 3, irinṣẹ́ 19 ni wọ́n ní láti fi kún un. Òṣìṣẹ́ náà ò pọ̀ sí i, ọwọ́ méjì ló ní. Télọ̀ kan tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan yóò rí ìyàtọ̀ ńlá bí wọ́n bá fún un ní ìkejì tó ń rán etí aṣọ. Ẹ̀rọ karùn-ún kò ní í ṣe é láǹfààní tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbígbó kò mọ èyí: ìdá 6 nínú 100 ni ó ń mú, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ kìn-ín-ní, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ohun tó ń wọlé ń rọra lọ sókè, ohun tó ń jáde ń lọ sókè láìdẹwọ́. Ó di dandan kí àwọn méjèèjì pàdé níbì kan.

Ìṣirò gan-an

Ẹ kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irinṣẹ́ láti ọdún kan sí èkejì sílẹ̀:

```
k ọdún tó ń bọ̀ = k + s·k^α − δ·k
```

Apá àárín ni irinṣẹ́ tuntun tí wọ́n fi ohun tí wọn kò jẹ rà. Apá ìparí ni èyí tó gbó. Irinṣẹ́ dúró lójú kan nígbà tí apá méjèèjì bá dọ́gba:

```
s·k^α = δ·k
```

Ní báyìí, ẹ fi `k^α` pín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lápá òsì, s nìkan ló kù. Lápá ọ̀tún, k tí a fi `k^α` pín di `k^(1−α)`. Ẹ tún wá fi δ pín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì:

```
k^(1−α) = s/δ
```

Nínú ìpínsí àkọ́kọ́ yẹn, ìdáhùn kan bọ́ sọnù. Bí k bá jẹ́ 0, ìdọ́gba náà ṣì pé, nítorí ibi tí kò bá sí irinṣẹ́ rárá, kò sí èso, kò sí ìfipamọ́, kò sì sí ohun tí yóò gbó. Ibẹ̀ náà jẹ́ ibi ìdúró, àmọ́ bí irinṣẹ́ bíńtín bá ti wọlé, wọ́n á kúrò níbẹ̀, wọn kò sì ní í padà. A lè fi í sílẹ̀ láìbẹ̀rù, bí a bá ti mọ̀ pé a fi í sílẹ̀.

Ó ku ká tú k kúrò lábẹ́ agbára tó wà lórí rẹ̀. `1−α` jẹ́ 2/3. Ẹ yí i dorí kodò, ó di 3/2, ẹ wá gbé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sí agbára yẹn:

```
k* = (s/δ)^(1/(1−α))
```

Àmì ìràwọ̀ yẹn ń sọ pé k ti ibi ìdúró ni. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà wa sí i. Ẹ fi 0.06 pín 0.24, ẹ ó rí 4. Agbára 3/2 túmọ̀ sí pé kí ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà tó sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tó fi jẹ́ 4, ìyẹn 2, kí ẹ tó wá sọ 2 yẹn di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdáhùn jẹ́ 8. Irinṣẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí 8, èso rẹ̀ yóò sì jẹ́ 2.

Ẹ má ṣe gba ìdáhùn kankan gbọ́ láìdán an wò. Ìfipamọ́ níbi ìdúró jẹ́ 0.24 lọ́nà 2, ìyẹn 0.48. Gbígbó jẹ́ 0.06 lọ́nà 8, ìyẹn 0.48. Wọ́n bára mu. Ohun tó kù fún òṣìṣẹ́ láti jẹ jẹ́ 1.52.

Èso kan tún wà nínú ìṣirò yìí tí mo fẹ́ràn gan-an. Bí ẹ bá fi y pín k, 8 pín sí 2, ẹ ó rí 4, iye kan náà pẹ̀lú `s/δ`. Kì í ṣe èèṣì. Níbi ìdúró, irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀ máa ń tó èso ọdún `s/δ` gẹ́lẹ́, iye yòówù kí α jẹ́. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, irinṣẹ́ wọn sábà máa ń tó èso bí ọdún mẹ́ta. Bí ìṣirò yín bá wá fún yín ní 40, ẹ ti mọ̀ pé nǹkan kan wọ́.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n á débẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, k jẹ́ 1. Èso jẹ́ 1, ìfipamọ́ jẹ́ 0.24, gbígbó jẹ́ 0.06, nítorí náà irinṣẹ́ fi 0.18 pọ̀ sí i, ó di 1.18. Lọ́dún kejì, èso ti tó 1.057, ìfipamọ́ jẹ́ 0.254, gbígbó jẹ́ 0.071, irinṣẹ́ sì di 1.363. Ó ń gòkè. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, k jẹ́ 27. Èso jẹ́ 3, ìfipamọ́ jẹ́ 0.72, ṣùgbọ́n gbígbó jẹ́ 1.62. Irinṣẹ́ yóò fi 0.90 dín kù lọ́dún kan ṣoṣo. Láti ìsàlẹ̀ tàbí láti òkè, 8 ni wọ́n ń fà lọ.

Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè jẹ́ kó ṣe ìyókù:

```python
s, d, a = 0.24, 0.06, 1/3
k = 1.0
for t in range(500):
    k = k + s * k**a - d * k
print(round(k, 3))
print((s/d)**(1/(1-a)))
```

Ìlà àkọ́kọ́ tó máa jáde yóò jẹ́ 8.0, èyí tí a rí nípa rírìn lọ́dọọdún. Ìkejì ni ti ìdọ́gba wa, 8 náà ni yóò jẹ́, bóyá pẹ̀lú ìyàtọ̀ tín-ín-rín ní ìparí nọ́ńbà.

Ìrìn náà kò yá. Nítòsí ibi ìdúró, ìdá `(1−α)·δ` nínú àlàfo tó kù ni wọ́n ń dí lọ́dún kan. Fún tiwa, 2/3 lọ́nà 0.06 jẹ́ 0.04. Ó máa gbà wọ́n ní nǹkan bí ọdún 17 kí wọ́n tó dí ìdajì àlàfo náà. Bí wọ́n bá ṣe jìnnà sí ibi ìdúró tó nísàlẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yára tó, bí wọ́n bá sì ṣe ń sún mọ́ ọn ni ẹsẹ̀ wọn ń rọ̀. Ohun tó jọ èyí ló ṣẹlẹ̀ ní Jámánì ti Ìwọ̀-Oòrùn àti ní Japan lẹ́yìn ogun 1945: bọ́ǹbù ti ba ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ jẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ṣì wà, ọrọ̀-ajé sì sáré púpọ̀ fún bí ogún ọdún kí ó tó wá dẹsẹ̀. Irinṣẹ́ nìkan kọ́ ló fa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìrìn náà ṣe rí bá ohun tí àwòṣe sọ mu.

Bí ìfipamọ́ bá yí padà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń sáré jù. Wọ́n rí i pé s wà lókè nínú `s/δ`, wọ́n sì parí èrò pé bí ìfipamọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni nǹkan ṣe ń dára tó. Ẹ jẹ́ ká gbé s láti 0.24 lọ sí 0.54. `s/δ` di 9. Nọ́ńbà tó sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tó fi jẹ́ 9 ni 3, 3 lẹ́ẹ̀mẹta sì jẹ́ 27. Irinṣẹ́ kúrò ní 8 ó di 27, èso kúrò ní 2 ó di 3. Ó dára lójú. Àmọ́ kí ni wọ́n ń jẹ? Ìdá 0.46 nínú 3, ìyẹn 1.38. Nígbà tí èso wọn jẹ́ 2, wọ́n ń jẹ 1.52. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí irinṣẹ́ tó ju ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀ lọ, ebi sì ń pa wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú èso wọn ń lọ sórí pípààrọ̀ ohun tó gbó.

Edmund Phelps ló fi hàn ní 1961 ibi tí ó yẹ kí ìfipamọ́ wà bí a bá fẹ́ kí jíjẹ níbi ìdúró pọ̀ jù lọ. Fún irú ìdọ́gba èso tí à ń lò yìí, ìdáhùn rẹ̀ kúrú: kí s dọ́gba pẹ̀lú α. Ní tiwa, 1/3. `s/δ` di 5.556, èso jẹ́ 2.357, jíjẹ sì jẹ́ 1.571.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé s láti 0.24 sí 1/3, irinṣẹ́ ṣì jẹ́ 8, èso ṣì jẹ́ 2. Jíjẹ já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti 1.52 sí 1.333. Ó máa lé ní ọdún 30 kí wọ́n tó padà sí 1.52, kí wọ́n tó wá máa lọ díẹ̀díẹ̀ sí 1.571. Àwọn tó wà láyé lónìí ń san 0.19 lọ́wọ́ kan kí àwọn ọmọ wọn lè jèrè 0.05. Mo rò pé ẹnikẹ́ni tó bá ń lo ìṣirò yìí láti gba ìjọba nímọ̀ràn gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà méjèèjì sórí tábìlì. Ìdọ́gba `k*` nìkan kò ní í sọ ti àkọ́kọ́ fún un, nítorí ibi ìdúró nìkan ló mọ̀, kò mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀. Ọ̀ràn ẹni tó wà lókè 1/3 yàtọ̀: bí ìlú tó ń fi 0.54 pamọ́ bá dín in kù sí 1/3, jíjẹ wọn yóò pọ̀ sí i lọ́jọ́ náà, yóò sì wà lókè ti tẹ́lẹ̀ títí lọ. Kò sẹ́ni tó pàdánù.

Níbi tí ìṣirò ti máa ń wọ́

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lórí kọ̀ǹpútà ni kí ènìyàn tẹ `(s/d)**1/(1-a)`. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ èyí tó tọ́, ṣùgbọ́n àmì àkámọ́ kan ti sọnù. Kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ gbé 4 sí agbára 1, yóò wá fi 2/3 pín in, yóò sì fún yín ní 6. Nọ́ńbà náà kò burú lójú, ìdí nìyẹn tó fi léwu. Ìdánwò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan ni yóò tú u fó: bí k bá jẹ́ 6, èso jẹ́ 1.817, ìfipamọ́ jẹ́ 0.436, gbígbó sì jẹ́ 0.36. Wọn ò dọ́gba, nítorí náà 6 kì í ṣe ibi ìdúró.

Òmíràn jẹ mọ́ àkókò. s kò ní àkókò nínú, ìdá lásán ni. δ ní: ìdá tó ń gbó lóṣù kan yàtọ̀ sí ìdá tó ń gbó lọ́dún kan. Bí ẹnì kan bá mú 0.005 tó jẹ́ ti oṣù, tó fi sí ìdọ́gba tí èso rẹ̀ jẹ́ ti ọdún, `s/δ` yóò di 48, k* yóò sì fò lọ sí nǹkan bí 333. Ẹ rántí ohun tí `s/δ` ń sọ. Ìlú tí irinṣẹ́ rẹ̀ tó èso ọdún 48 kò sí níbì kankan.

Ẹ̀kẹta ni kí a gbàgbé pé àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ń pọ̀ sí i. Bí iye òṣìṣẹ́ bá ń fi ìdá n pọ̀ lọ́dún, a ní láti fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní irinṣẹ́ tiwọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dín kù bí ẹ̀rọ kankan kò tilẹ̀ gbó. Nítorí náà n wọlé ti δ:

```
k* = (s/(δ+n))^(1/(1−α))
```

Ẹ fi n sí 0.02. δ+n di 0.08, `s/(δ+n)` di 3, k* di 5.20, èso sì di 1.73. Irinṣẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ dín kù láti orí 8, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dín ìfipamọ́ rẹ̀ kù. Ní Nàìjíríà, níbi tí iye ènìyàn ń fi ju ìdá 2 nínú 100 lọ pọ̀ lọ́dọọdún, ẹni tó bá fi n sílẹ̀ ti ṣírò fún ìlú mìíràn.

Ohun tí ìdọ́gba yìí kò lè sọ

Níbi ìdúró, y kò yí padà mọ́. Ìyẹn ni pé ìfipamọ́ lè gbé ìlú láti orí àtẹ̀gùn kan sí òmíràn, kò lè mú kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn títí lọ. Síbẹ̀ èso òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ti ń gòkè láti ìgbà pípẹ́. Solow fúnra rẹ̀ padà sórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1957. Ó wo èso wákàtí iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà láti 1909 sí 1949, ó sì rí i pé irinṣẹ́ tó pọ̀ sí i kò ṣàlàyé ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìdàgbàsókè náà lọ. Ìyókù ó kà sí ti ìmọ̀ àti ọgbọ́n iṣẹ́ tó ń dára sí i, èyí tí àwòṣe rẹ̀ kò sọ ibi tó ti wá.

A lè fi ọgbọ́n iṣẹ́ yẹn sínú ìṣirò bí a bá sọ pé òṣìṣẹ́ kan lónìí ń ṣe ohun tí òṣìṣẹ́ 1.02 ń ṣe lọ́dún tó kọjá. Ẹ pe 0.02 yẹn ní g. A ó wá fi iye òṣìṣẹ́ tí a ti fi ọgbọ́n yìí gbé sókè pín irinṣẹ́, g yóò sì bá δ àti n jókòó pọ̀ nísàlẹ̀. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 0.06 àti 0.02 àti 0.02, ìyẹn 0.10. Ẹ fi pín 0.24, ẹ ó rí 2.4, tí ẹ bá sì gbé e sí agbára 3/2, ó jẹ́ nǹkan bí 3.72. (Bí ẹ bá ń ka ọdún lọ́kọ̀ọ̀kan, n lọ́nà g náà yẹ kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n 0.0004 lásán ni.) Kí ẹ ṣọ́ra bí ẹ ṣe ń ka ìdáhùn yìí. 3.72 kì í ṣe irinṣẹ́ ènìyàn kan mọ́. Iye yẹn ló dúró lójú kan. Irinṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn gidi àti èso rẹ̀ ń fi ìdá 2 nínú 100 gòkè lọ́dọọdún, nítorí pé ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ń gòkè bẹ́ẹ̀.